Ìwé Ẹrù Ìdána

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkọ ìyàwó máa ń wá sí ìsọ̀ mi jù. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Dàntọ́kpà ní Kútọnù, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró síwájú ìsọ̀, tí kò fọwọ́ kan aṣọ kankan, tó ń wòkè tó ń wolẹ̀, tó wá kiwọ́ bọ àpò ṣòkòtò tó fa ìwé yọ, mo ti mọ ohun tó gbé e wá. Àwọn àna rẹ̀ ti fún un ní ìwé ẹrù ìdána nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, jórinjórin ni ní Àkpákpà. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni, Nàgó bíi tèmi. Ọmọ Fọ̀n ni ìyàwó tó fẹ́ fẹ́. Àbọ̀mè ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Kàlàfí ni wọ́n ń gbé. Ewé méjì ni ìwé náà. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fàlà sí i bí ìwé ìṣirò.

"Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á," ló wí. "Mo mọ iye irin, mi ò mọ iye aṣọ."

Mo ní kó jókòó. A jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ń fi báírò kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná an sí ẹ̀gbẹ́. Àǹkàrá Òláńdì tòótọ́ méjì, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà, 90,000 sẹ́fà. Àǹkàrá lásán mẹ́rin, 32,000. Àpótí aṣọ ńlá kan, 25,000. Jíìnì, sódàbì, bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nǹkan bí 60,000. Iyọ̀, ṣúgà, obì, orógbó, atare, ìṣáná àti àtùpà, 35,000. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn àpòòwé: ti bàbá 50,000, ti ìyá 30,000, ti àwọn arákùnrin ìyàwó 20,000, ti àwọn àǹtí 20,000. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni owó orí fúnra rẹ̀, 50,000. Nígbà tí mo ro ó pọ̀, ó jẹ́ 412,000.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Bẹ̀nẹ̀ gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ bí oṣù mẹ́jọ, kò ní jẹun, kò ní san owó ilé, kò ní gun sẹ́míjàn, kó tó lè ra ohun tó wà nínú ewé méjì yẹn. Ọmọkùnrin náà wo iye tí mo kọ, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà dákẹ́, nítorí ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni mo ń wò. Nínú 412,000, owó orí kò ju 50,000 lọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń pariwo nínú ìlú pé owó orí ti wọ́n jù, ẹrù àti àpòòwé ni wọ́n ń bá wí láìmọ̀.

Ó bi mí bóyá òun lè ra àdàmọ̀dì dípò Òláńdì. Mo ní kó má dán an wò. Bí wọ́n bá gbé ẹrù dé, àwọn àǹtí ìyàwó ló máa kọ́kọ́ tú u, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nítorí èmi náà ti wà láàárín wọn. Wọn kì í wo àárín aṣọ. Etí rẹ̀ ni wọ́n ń wò, níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà, wọ́n á wá yí i padà wo ẹ̀yìn. Aṣọ tòótọ́, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà, nítorí ìda ni wọ́n fi ń ṣe é kí aró má bàa wọ ibi tí wọn kò fẹ́. Àwọn ìlà tíntìntín tó sán sára rẹ̀ níbi tí ìda ti fọ́ kì í bára dọ́gba níbì kan sí ibì kejì. Ti àdàmọ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá, ìlà rẹ̀ á sì máa tún ara rẹ̀ ṣe bákan náà títí dé òpin. Ìdána kan wà tí ojú mi ṣe, tí wọ́n ká àdàmọ̀dì mọ́ ìdílé ọkọ lọ́wọ́. Odindi wákàtí kan ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀, àwọn àna sì fi aṣọ náà kọ́ igi síta kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìyàwó jókòó sínú yàrá, ó ń sunkún. Òun kọ́ ló ra aṣọ, òun kọ́ ló kọ ìwé.

Òfin ìlú wa kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ẹbí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn Faransé ń pè ní dọ́ọ̀tì, ní abala 142. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: dọ́ọ̀tì jẹ́ ohun àmì. Kò fòfin dè é, kò sì dá iye kankan. Àwọn aládùúgbò wa gba ọ̀nà mìíràn. Ní Kòdífúà, wọ́n fi òfin pa á rẹ́ pátápátá ní 1964, ṣùgbọ́n títí dòní, ìdílé ṣì ń gbé ọtí àti aṣọ lọ sílé àna níbẹ̀. Ní Tógò, òfin 1980 ní kò gbọdọ̀ ju 10,000 sẹ́fà lọ. Lẹ́yìn ogójì ọdún, 10,000 yẹn kò lè ra yáàdì mẹ́fà Òláńdì kan, àwọn èèyàn sì ń kọ 10,000 sínú ìwé, wọ́n ń kó ìyókù lọ lálẹ́. Èmi gbà pé àwọn tó kọ òfin tiwa rí nǹkan wọ̀nyí, ìyẹn ni wọn kò fi dá iye. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bá pè ní àmì, ẹni tó fẹ́ fún ni gbọ́dọ̀ lè fún ni láìjẹ gbèsè. Bó bá ti di pé ó ń yáwó kó tó lè rà á, kì í ṣe àmì mọ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi jà fún òfin yẹn. Ní 1931, ìjọba Faransé kó àṣà àwọn ẹ̀yà Dahomé jọ sínú ìwé kan kí ilé ẹjọ́ lè máa fi dájọ́. Ìwé náà ka obìnrin mọ́ ohun ìní ọkọ àti mọ́ ogún tí wọ́n ń pín. Ọdún 1996 ni ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè tó sọ pé ìwé náà kò ní agbára òfin mọ́. Èmi ti di àgbà nígbà náà. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin kan bá sọ fún mi lónìí pé owó orí ń jọ títa ni lójú òun, mi ò ní sọ fún un pé ó ń ṣàfojúdi. Nǹkan wà nínú ìtàn ìlú yìí tó mú un sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi, ọmọ Kétu, kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Ó máa ń sọ pé ohun tó wà nínú ẹrù, àdúrà ni. Obì kí ó bi ikú sẹ́yìn, orógbó kí wọ́n lè gbó sínú ara wọn, atare kí ọmọ wọ́n pọ̀ bí inú rẹ̀ ṣe kún fún ọmọ, iyọ̀ kí ayé wọn dùn. Àtùpà àti ìṣáná ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jù, nítorí mo rí wọn nínú ìwé àwọn Fọ̀n. Ó ní ilé tí obìnrin ń lọ, ó yẹ kí ó lè tan iná níbẹ̀ láìtọrọ. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tó sọ ọ́, mi ò sì rí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní.

Nǹkan mìíràn tún wà nídìí rẹ̀ tí kì í ṣe àdúrà. Ọkọ mi, olùkọ́ ìtàn, ló fi ìwé tí Melville Herskovits, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ lórí Dahomé ní 1938 hàn mí. Ọkùnrin náà ka irú ìgbéyàwó mẹ́tàlá láàárín àwọn Fọ̀n. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní akwénúsì, níbi tí wọ́n ti san owó, ìdílé bàbá ló ni ọmọ. Nínú irú mìíràn, tí wọn kò san nǹkan, ìdílé ìyá ló ni ọmọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹni tó ń san owó kò ra obìnrin. Ó ń san án kí ọmọ tí obìnrin náà bá bí lè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ayé ìgbà tí kò sí ìwé ìbí, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọmọ sílẹ̀. Lóde òní, ìwé ìbí ni ọmọ fi ń jẹ́ ti bàbá rẹ̀, wọ́n sì lè kọ orúkọ bàbá sí i láìsí ìdána. Iṣẹ́ tó wúwo jù tí owó orí ń ṣe láyé ọjọ́un ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ iye rẹ̀ kò dínkù.

Nígbà ìdána tèmi, àwọn Fọ̀n ló wá gbé mi, bàbá mi sì ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé Yorùbá púpọ̀. Ó gba àpòòwé owó orí lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó wá dá a padà, ó ní a kì í ta ọmọ nílé àwa. Àwọn èèyàn tiwa patẹ́wọ́. Àwọn èèyàn ọkọ mi dákẹ́ lọ gbári. Bàbá àgbà kan láàárín wọn dìde, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n, ojú rẹ̀ le. Ẹni tó ń túmọ̀ kò fẹ́ sọ ọ́, ìgbà tí wọ́n rọ̀ ọ́ tán ló wí pé, "Bàbá ń béèrè pé kí ni àwọn ṣe tí ẹ fi kọ àwọn." Lójú rẹ̀, ẹni tí kò gba owó kò gba àna. Ohun tí bàbá mi rí bí ọ̀wọ̀, òun rí i bí ìtìjú. Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú ìbòrí lójú, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo rò pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́.

Àwọn àgbà méjèèjì wọ ìyẹ̀wù. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá mi fa 1,000 sẹ́fà kan yọ nínú àpòòwé, ó mú obì kan, ó kó méjèèjì sínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ní òun ti gbà. Ìyókù, wọ́n pe èmi àti ọkọ mi, wọ́n gbé e lé wa lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ bàbá mi lọ́wọ́. Owó yẹn ni mo fi ra aṣọ tí mo kọ́kọ́ tà ní Dàntọ́kpà. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ àmì nìyẹn: bébà kan, obì kan, àwọn tó gbà á àti àwọn tó fún wọn sì jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò bàbá mi ni mo fẹ́ sọ báyìí, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe ìdána rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kó gbogbo ẹrù pé, kò ku ìṣáná kan, àwọn àgbà gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n gbé pọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Ní ọdún kejìlá, ọkọ kú lójú ọ̀nà Kútọnù sí Àjàṣẹ́. Nígbà tó lọ béèrè owó opó níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó mú ìwé ìgbéyàwó wá. Ó mú ìwé ẹrù ìdána lọ, èyí tí bàbá rẹ̀ ti fi báírò sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan pé a ti gbà á, ó tún mú fọ́tò lọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wò wọ́n tán, ó bá a kẹ́dùn, ó dá wọn padà fún un. Ìwé tí wọ́n ń béèrè, mérì ló ń fún ni. Wọn kò lọ sí mérì rí.

Nínú òfin 2004 yẹn, ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ mérì bá so nìkan ló ní agbára níwájú ìjọba. Ìdána tí èèyàn ẹgbẹ̀rún kan wá sí, lójú òfin, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń gbé. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ogún bàbá wọn gbà, ọkùnrin àti obìnrin lọ́gbọọgba, nítorí orúkọ bàbá wà nínú ìwé ìbí wọn. Ìyá wọn kò rí nǹkan kan gbà bí aya. Orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀ ilé tí wọ́n jọ kọ́, àwọn arákùnrin ọkọ sì sọ fún un tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé àlejò ni nínú ilé àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lórí mi, Ẹ̀gbọ́n, mi ò sì jẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni."

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró sí ìdána. Owó ti tán lọ́wọ́ ọkọ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á ní kí àwọn sinmi díẹ̀ kí àwọn tó ṣe ti mérì, ìsinmi á sì di ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sá fún: ìgbéyàwó ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin wa mọ̀, ẹni tó bá sì ti lọ sí mérì kò lè tún mú ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Ìdílé ìyàwó kì í béèrè, nítorí lójú tiwọn, ọmọ ti lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ tí wọ́n gba obì. Mérì kì í béèrè obì; ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀ àti ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń béèrè, wọ́n á sì lẹ orúkọ yín síta kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè wá sọ ọ́. Kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn tó wọ́n tó Òláńdì méjì.

Ọmọkùnrin jórinjórin yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Onídìrí ni ọmọbìnrin náà, ó lẹ́nu, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ ti gbé ìwé lọ sí Kàlàfí láti bẹ àwọn àna, bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe, nítorí ìwé ẹrù kì í ṣe ìwé gbèsè, wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀ ni. Bàbá ìyàwó yọ Òláńdì kan, ó yọ àpótí, ó sì fagi lé àpòòwé àwọn arákùnrin àti ti àwọn àǹtí. Ó wá ku 302,000. Ọmọbìnrin náà sì rọra sọ fún mi nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ wá owó ṣẹ́ńjì pé òun ti fi 80,000 nínú owó irun òun kún un. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀.

Mo bi í pé, ṣé kò dùn ún ni láti fi owó ara rẹ̀ san owó orí ara rẹ̀?

Ó ní, "Tàǹtí, bí kò bá gbé nǹkan kan wá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á máa sọ pé mo kan rìn wọlé ni. Bó bá sì gbé púpọ̀ wá, lọ́jọ́ tí a bá jà, á máa sọ ọ́ sí mi létí. Mo fẹ́ kó gbé e wá. Mi ò fẹ́ kó máa kà á."

Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ owó orí dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti gbọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn: ọ̀wọ̀ tí kò ní di ìwé ìṣirò. Mo gé aṣọ fún wọn, mo sì bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí mérì. Wọ́n wo ara wọn. Ọkọ ní lẹ́yìn ìdána, nígbà tí owó bá tún rọrùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò bàbá mi fún wọn, mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà gba báírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọjọ́ mérì sókè ìwé ẹrù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ ìwé ẹrù fún ọmọ yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ní Kútọnù, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ béèrè obì, ẹ béèrè àtùpà. Ṣùgbọ́n lórí ìlà àkọ́kọ́, kí aṣọ tó dé, kí ọtí tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ mérì sí i.